Máàkì lọ sókè, PR lọ sílẹ̀: ṣé ọmọ mi ń tẹ̀síwájú ni àbí ó ń rẹ̀yìn?

Ìyá Ìbejì, Kúbwà

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọbìnrin mi ń múra JAMB ní ilé lẹ́sìn kan níbí ní Kúbwà. Wọ́n ti ṣe mọ́ọ̀kì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ń fi èsì ránṣẹ́ sí wa lórí Wáàsáàpù. Ní oṣù kìn-ín-ní, Score rẹ̀ jẹ́ 51%, PR rẹ̀ jẹ́ 90. Ní oṣù kẹta, Score di 58%, PR wá di 84. Bàbá rẹ̀ ní ọmọ ń rẹ̀yìn, ó fẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ní ó ń tẹ̀síwájú. Kí ni PR yìí gan-an, ta ló sì tọ̀nà nínú àwa méjèèjì?

Awakọ̀ Lúgbẹ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ipò ni PR o. Ọmọ tó wà ní ipò 90 tẹ́lẹ̀, tó wá bọ́ sí ipò 84, ó ti kọjá èèyàn mẹ́fà nìyẹn. Ẹ sọ fún bàbá rẹ̀ kó fi fóònù ọmọ sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Kúbwà

Ẹ ṣé, sà. Àmọ́ àwọn ọmọ tó jókòó ṣe mọ́ọ̀kì náà kò tó 90. Wọn ò ju 50 lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sàmárù, Záríà

Ẹ káàárọ̀, mà. Kì í ṣe ipò. Ohun tí PR ń sọ ni iye àwọn tó wà lẹ́yìn ọmọ yín nínú ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n bá jẹ́ 50, PR 84 túmọ̀ sí pé ó fi èèyàn 42 sẹ́yìn. Tẹ́lẹ̀, 90 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní báyìí, 84 ni. Ẹ jọ̀ọ́, mà, bàbá ló tọ̀nà. Ẹ má wo ti máàkì, ó ṣeé ṣe kí ìdánwò kejì rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Tísà Ìṣirò, Sábọ̀n Gàrí, Kánò

Àbúrò mi ní Sàmárù ti sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó yára dájọ́. Mà, kí n tó sọ ẹni tó tọ̀nà, mo nílò nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ yín. Èèyàn mélòó ló ṣe ìdánwò ní oṣù kìn-ín-ní? Mélòó ló ṣe é ní oṣù kẹta? Ṣé àwọn kan náà ni àbí àwọn mìíràn wọlé láàárín?

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé 58 kò gba ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni kó tó jẹ́ 58. Bí ọmọ yín nìkan bá jókòó nínú yàrá, tó sì gba ìdáhùn 58 nínú ọgọ́rùn-ún, 58 náà ni. PR kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ò lè ní PR láìsí àwọn tí ẹ jọ jókòó. Bí wọ́n bá pààrọ̀ àwọn tó wà nínú yàrá, PR á yí padà, bí ọmọ kò tiẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan tó yàtọ̀ sínú ìwé rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Kúbwà

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ilé lẹ́sìn náà ni. Ọmọ 30 ló wà níbẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní. Ní oṣù kẹta, wọ́n di 50. Àwọn 20 tó wọlé lẹ́yìn, ọ̀pọ̀ wọn ti ṣe JAMB rí lọ́dún tó kọjá. Wọ́n tún fi orúkọ gbogbo ọmọ àti máàkì wọn ránṣẹ́ sí mi, láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Tísà Ìṣirò, Sábọ̀n Gàrí, Kánò

Ó dára bí wọ́n ṣe fi orúkọ ránṣẹ́. Ẹ mú bíró, mà. Fún oṣù kẹta, ẹ ka àwọn tí máàkì wọn kéré sí 58. Ẹ tún ka àwọn tó gba 58 gan-an, títí kan ọmọ yín. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ju 58 lọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù kìn-ín-ní pẹ̀lú 51.

Mọ̀mí Jọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i díẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi wà ní oṣù mẹ́jọ, nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n, ó fi àmì sí orí ìlà kan nínú káàdì ìwọ̀n rẹ̀, ó ní ó wà ní 15. Mo sunkún dé ilé. Mo rò pé ọmọ mi gba 15 nínú ọgọ́rùn-ún, pé ebi ń pa á. Ṣé irú rẹ̀ ni PR yìí?

Tísà Ìṣirò, Sábọ̀n Gàrí, Kánò

Irú rẹ̀ gan-an ni, Mọ̀mí. Pasẹntáìlì ni orúkọ rẹ̀. Ohun tí ìlà 15 ń sọ ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, nǹkan bí 15 ló fúyẹ́ jù ú lọ, àwọn yòókù wúwo jù ú lọ. Kò sí ibì kan lórí ìlà náà tí wọ́n ti ní "ó yege" tàbí "ó fìdí rẹmi". Ẹni tó wà ní 50 ló wà láàárín gbùngbùn. Ìyàtọ̀ ńlá tó wà láàárín rẹ̀ àti máàkì nìyẹn: 50 nínú máàkì lè já ọmọ láyà, 50 nínú pasẹntáìlì kàn ń sọ pé ìdajì wà lẹ́yìn, ìdajì wà níwájú.

Mọ̀mí Jọ́ọ̀sì

Ẹ ṣeun gan-an. Ọmọ náà ti wọ kíláàsì kẹta báyìí, ó sì ń jẹun dáadáa. Ó mà ṣe o, ká ní ẹnì kan sọ èyí fún mi nígbà náà ni.

Ìyá Ìbejì, Kúbwà

Mo ti kà á tán. Iná lọ nígbà tí mo wà lágbedeméjì, ọmọ náà ló tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí mi.

Oṣù kìn-ín-ní: 26 wà nísàlẹ̀ 51, àwọn méjì gba 51 (òun àti ọmọkùnrin kan), méjì jù wọ́n lọ. Ó pé 30.
Oṣù kẹta: 41 wà nísàlẹ̀ 58, àwọn méjì gba 58 (òun àti ọmọkùnrin yẹn náà), méje jù wọ́n lọ. Ó pé 50.

Tísà Ìṣirò, Sábọ̀n Gàrí, Kánò

Ó ti tò báyìí. Wàhálà kékeré kan wà níbẹ̀, ti ọmọkùnrin tó bá a gba 58. Kò wà lẹ́yìn ọmọ yín, kò sì wà níwájú rẹ̀. Ohun tí ilé lẹ́sìn yín ṣe ni pé wọ́n ka ìdajì gbogbo àwọn tó gba máàkì kan náà mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn. Báyìí ni wọ́n ṣe é, B ni àwọn tó wà nísàlẹ̀, E ni àwọn tó gba máàkì kan náà pẹ̀lú ọmọ fúnra rẹ̀, N ni gbogbo wọn:

```
PR = (B + 0.5 × E) ÷ N × 100
(26 + 1) ÷ 30 × 100 = 90
(41 + 1) ÷ 50 × 100 = 84
```

Àbúrò mi ní Sàmárù, ìdí nìyí tí 42 tí o sọ kì í ṣe èèyàn 42. 41 ni, àti ìdajì èèyàn méjì. Àwọn kan máa ń ka àwọn tó wà nísàlẹ̀ nìkan, ìyẹn á fún ọmọ yìí ní 82. Àwọn mìíràn máa ń ka àwọn tó gba máàkì kan náà pátá mọ́ ọn, ìyẹn á fún un ní 86. Ìwé kan náà, ọmọ kan náà, kíláàsì kan náà, PR mẹ́ta. Bí ilé lẹ́sìn méjì bá ń lo ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má ṣe fi PR wọn wéra.

Mà, iṣẹ́ kan ló kù. Ẹ fi bíró sàmì sí àwọn ọmọ 20 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nínú orúkọ oṣù kẹta. Mélòó nínú wọn ló wà nínú àwọn méje tó ju ọmọ yín lọ?

Akẹ́kọ̀ọ́ Sàmárù, Záríà

Mo gbà, ẹ̀gbọ́n. Àwọn tó ń ṣètò SAT, ìdánwò àwọn ará Amẹ́ríkà, náà máa ń ka àwọn tó gba iye kan náà mọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn. Ibi tí mo ti kọ́ ọ nìyẹn. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni ti gbogbo ayé rí.

Ìyá Ìbejì, Kúbwà

Márùn-ún! Nínú àwọn méje tó jù ú lọ, márùn-ún jẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn méjì yòókù, àwọn méjì tó jù ú lọ ní oṣù kìn-ín-ní náà ni.

Tísà Ìṣirò, Sábọ̀n Gàrí, Kánò

Ẹ jẹ́ ká yọ àwọn tuntun kúrò nínú yàrá díẹ̀, ká wo àwọn 30 ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. Méjì ló wà níwájú rẹ̀. Òun àti ọmọkùnrin yẹn ló jọ dúró lójú kan. Àwọn 26 tó kù wà lẹ́yìn. PR rẹ̀ láàárín wọn ṣì jẹ́ 90, kò yí rárá. Nínú àwọn tuntun 20, márùn-ún wà níwájú rẹ̀, 15 wà lẹ́yìn. Láàárín àwọn yẹn nìkan, PR rẹ̀ jẹ́ 75. Bí ẹ bá da ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀, ó di 84.

Torí náà, ẹ bá mi sọ fún bàbá pé ọmọ kò rẹ̀yìn. Àwọn alágbára ló wọ yàrá. Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn tó bá a bẹ̀rẹ̀ tó kọjá rẹ̀.

Awakọ̀ Lúgbẹ̀

Ó yé mi wàyí, mo ti ṣì í mú ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má bínú, Ìyá Ìbejì. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan. Ọmọ mi ọkùnrin ń ṣe WAEC lọ́dún yìí. Bí òun bá gba 51 nínú Kẹ́mísìrì, C6 ni. Bí ó bá gba 58, C5 ni. Kírédíìtì ni méjèèjì. Mi ò rí ibi tí WAEC ti ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló jókòó tì í. Kí ni PR fẹ́ ṣe fún wa?

Ọ̀gá Ìdánwò tó ti fẹ̀yìn tì, Gwárínpà

Ìbéèrè tó dára lẹ bi. Fún kírédíìtì márùn-ún tí ọmọ gbọ́dọ̀ ní, máàkì ló ń sọ̀rọ̀. Nínú tábìlì tí gbogbo iléèwé ń lò, 50 sí 54 ni C6, 55 sí 59 ni C5. Bí gbogbo kíláàsì bá dé ibẹ̀, gbogbo wọn á gbà á. Bí ọmọ bá sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú kíláàsì tí gbogbo wọn gba ìsàlẹ̀ 40, PR rẹ̀ lè jẹ́ 99, F9 náà ló máa gbé lọ sílé.

JAMB ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Àyè inú yunifásítì níye. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń bá àwọn tó fẹ́ wọ ibẹ̀ du àyè, kì í ṣe ìwé ìbéèrè nìkan ló ń bá jà. Ẹ wo èsì ọdún 2024 tí JAMB fúnra wọn kéde. Èsì 1,842,464 ni wọ́n gbé jáde. 1,402,490 nínú wọn kò dé 200. Àwọn tó gba 200 sókè jẹ́ 439,974. Àwọn tó gba 250 sókè jẹ́ 77,070. Àwọn tó gba 300 sókè jẹ́ 8,401.

400 ni gbogbo máàkì JAMB, nítorí náà 200 jẹ́ ìdajì géérégé. Nílé, òbí á sọ pé "ìdajì péré lo gbà". Ṣùgbọ́n 76 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kò dé ibẹ̀. Ọmọ tó gba 250, tí í ṣe 62.5%, nǹkan bí 96 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tó gba 300, ìyẹn 75%, àwọn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò tó ẹyọ kan nínú igba.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa nìyí, nítorí pé ó ti tan àwọn òbí púpọ̀ jẹ lójú mi. Láti 200 dé 250 jẹ́ máàkì 50. Láti 250 dé 300 náà jẹ́ máàkì 50. Ẹni tó gun àkọ́kọ́ ti kọjá èèyàn 362,904. Ẹni tó gun ìkejì kọjá 68,669 péré. Ṣé iṣẹ́ tó ṣe láti fi gun ìkejì ló kéré ni? Rárá. Ibi tí èrò pọ̀ sí, máàkì kékeré á gbé ọ kọjá èèyàn púpọ̀. Ibi tí èrò ti fọ́nká, ó lè làágùn gan-an kí PR má fẹ́ẹ̀ sún. Torí náà, ẹ má ṣe fojú wo àtirìn láti PR 50 dé 60 bí ẹni pé ó bá àtirìn láti 89 dé 99 dọ́gba. Ẹ má sì ṣe ro PR Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ti Físíìsì kí ẹ pín in sí méjì. Máàkì la lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí, PR kò ṣeé pín.

Ìyá Ìbejì, Kúbwà

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. 58% rẹ̀ jẹ́ 232 nínú 400. Ṣé kí n máa sọ pé nínú gbogbo Nàìjíríà, 84 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà lẹ́yìn rẹ̀?

Ọ̀gá Ìdánwò tó ti fẹ̀yìn tì, Gwárínpà

Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. 84 yẹn jẹ́ ti àwọn 50 tó wà ní Kúbwà. Bí ó bá gba 232 nínú JAMB fúnra rẹ̀ lọ́dún 2024, ohun tí mo lè búra sí ni pé yóò wà láàárín 76 àti 96. Mi ò lè fọwọ́ sọ ojú ibi gan-an. Ìyẹn tún jẹ́ bí mọ́ọ̀kì wọn bá le tó JAMB, ẹnikẹ́ni kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn.

Ọmọ Òkun, Mínnà

Ẹ̀yin àgbà, tí wọ́n bá wá ń mú èèyàn ní yunifásítì, kì í ṣe gbogbo Nàìjíríà ni ọmọ ń bá du gbogbo àyè. Èmi ọmọ Kogí, wọ́n ka ìpínlẹ̀ wa mọ́ àwọn tí ẹ̀kọ́ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa. Ọmọ Ọ̀yọ́ tí a jọ dàgbà ní òpópónà kan ní Mínnà kò sí lára wọn. Máàkì kan náà, ìlú kan náà, ṣùgbọ́n àwọn tí a ń bá du àyè yàtọ̀. PR wo ni kí a wá gbẹ́kẹ̀ lé?

Ọ̀gá Ìdánwò tó ti fẹ̀yìn tì, Gwárínpà

Òótọ́ lo sọ. PR tó wúlò fún ọ ni ti àwọn tí ẹ jọ wà lórí ìlà kan náà, èmi kò sì tíì rí ilé lẹ́sìn tó lè ṣírò ìyẹn fún ọmọ. Bóyá ó tọ́ kí ìlà náà pín bẹ́ẹ̀, a lè jà lórí ìyẹn títí di ọ̀la.

Tísà Ìṣirò, Sábọ̀n Gàrí, Kánò

Ẹ jẹ́ ká padà sí ti Ìyá Ìbejì, torí apá kan ṣì wà nílẹ̀. A ti mọ̀ pé ọmọ kò rẹ̀yìn. Ṣé ó tẹ̀síwájú? 51 di 58, máàkì méje. Ohun tí àbúrò mi ní Sàmárù sọ níbẹ̀ tọ̀nà: ìwé kejì lè rọrùn. Mà, ẹ bá mi ro máàkì àwọn 30 ìbẹ̀rẹ̀ pọ̀ ní oṣù kìn-ín-ní, kí ẹ pín in sí 30. Ẹ tún ṣe é fún àwọn 30 kan náà ní oṣù kẹta.

Ìyá Ìbejì, Kúbwà

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló fi fóònù rò ó. 43 ní oṣù kìn-ín-ní. 49 ní oṣù kẹta.

Tísà Ìṣirò, Sábọ̀n Gàrí, Kánò

Ẹgbẹ́ náà lápapọ̀ ló gòkè nígbà náà, máàkì mẹ́fà ní ìpíndọ́gba. Tirẹ̀ jẹ́ méje. Ìdí nìyí tí PR rẹ̀ láàárín wọn fi dúró sí 90: ó gòkè, ẹgbẹ́ rẹ̀ náà sì bá a gòkè. Mẹ́fà yẹn lè jẹ́ pé àwọn tísà wọn ṣiṣẹ́, ó sì lè jẹ́ pé ìwé kejì rọ̀. Máàkì kò lè sọ èyí tí í ṣe, PR náà kò lè sọ ọ́. Ohun tó lè sọ ọ́ ni bí wọ́n bá fi ìbéèrè bíi mẹ́wàá tàbí 15 láti inú ìwé àkọ́kọ́ pamọ́ sínú ìwé kejì, láìjẹ́ kí àwọn ọmọ rí ìdáhùn wọn tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe dáadáa sí i lórí ìbéèrè kan náà yẹn, wọ́n ti kọ́ nǹkan. Bí wọn ò bá ṣe dáadáa sí i níbẹ̀, ìwé ló rọ̀.

Ìyá Ìbejì, Kúbwà

Mo bi wọ́n. Wọ́n ní gbogbo ìbéèrè oṣù kẹta ló jẹ́ tuntun. Àmọ́ ìwé oṣù kìn-ín-ní wà nílé, mo lè ní kó tún un ṣe lálẹ́ òní.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sàmárù, Záríà

Ó ti rí ìdáhùn rẹ̀, mà. Iyè rẹ̀ lẹ máa dán wò, kì í ṣe ìmọ̀ rẹ̀.

Awakọ̀ Lúgbẹ̀

Èmi ò gbà. Ọmọ tó rántí ìdáhùn Kẹ́mísìrì láti oṣù kìn-ín-ní, ó ti kọ́ Kẹ́mísìrì nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sàmárù, Záríà

Ẹ̀gbọ́n, ó lè rántí pé "C" ni, kó má mọ ìdí tó fi jẹ́ C.

Ìyá Ìbejì, Kúbwà

Ẹ má jà nítorí mi. Mo ti fi ìwé tí mo fi bíró sàmì sí han bàbá rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ lé orí àwọn márùn-ún tuntun yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó bi ọmọ náà bóyá ó mọ̀ wọ́n. Ọmọ náà ní òun mọ mẹ́ta, pé ọ̀kan nínú wọn ló ń ṣàlàyé Físíìsì fún òun nígbà ìsinmi ọ̀sán. Bàbá kò tún mẹ́nu kan fóònù mọ́. Ó kàn ní tí èsì mọ́ọ̀kì oṣù kẹrin bá dé, kí n kọ́kọ́ fi orúkọ àwọn 30 ìbẹ̀rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun lọ́tọ̀.